Síbí kan náà, kọfí ò dọ́gba: ohun tí sìkéèlì àti aago rí tí síbí ò rí

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbé ní Ganmo, tó ń lọ síṣẹ́ nílùú Ìlọrin láràárọ̀, pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹjọ́ ló fẹ́ rò. "Bọ̀dá, ẹ bá mi dá sí i o. Ẹni tó ń ta kọfí fún mi ti fi nǹkan mìíràn lú u. Síbí méjì náà ni mò ń bù, kọ́ọ̀bù kan náà ni, ṣùgbọ́n kọfí ti di omi lásán."

Mo ní kó má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Mo bi í bóyá kọfí tó rà lẹ́ẹ̀kejì yìí dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dúdú gan-an, ó tún ń dán.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kó yé wa pé kì í ṣe kọfí tó ń yọ́ sínú omi gbígbóná bíi Nẹsikáfè là ń sọ. Èyí tí wọ́n yan lódidi ni, téèyàn lọ̀ nílé, tó da omi gbígbóná sí, tó sì sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì. Irú kọfí bẹ́ẹ̀ ò jìnnà sí wa. Wọ́n ń gbin ròbọ́sítà ní Kábà, tó wà lábẹ́ Kwara tiwa yìí títí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ lọ́dún 1991. Àrábíkà ní tirẹ̀ fẹ́ràn òkè tó tutù, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gbìn ín ní Máńbílà, ìpínlẹ̀ Tàràbà.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Ganmo wa. Tí wọ́n bá ń yan kọfí, omi inú rẹ̀ ń gbẹ lọ, èso náà sì ń wú. Ẹ rántí bí àgbàdo ṣe ń di gúgúrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọfí kì í wú tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe pẹ́ lórí iná tó ni yóò ṣe dúdú tó, tí yóò tóbi tó, tí yóò sì fúyẹ́ tó. Síbí ò mọ ìyẹn. Àyè ni síbí ń wọ̀n, kò mọ bí nǹkan ṣe wúwo. Ẹni tó bá ti ra gàárì rí mọ ohun tí mò ń wí: ìyá kan á bù ú kó ga bí òkè, ìyá kejì á fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ dànù, kóńgò kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń pè é.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé sìkéèlì tí ìyàwó mi fi ń wọn fúláwà kéèkì lọ bá a. Ó ṣì ku díẹ̀ nísàlẹ̀ àpò àkọ́kọ́, èyí tí wọn ò yan dúdú. Síbí rẹ̀ kan nínú ìyẹn jẹ́ gíráàmù 12. Síbí kan náà nínú èyí tó dúdú jẹ́ gíráàmù 9. Síbí méjì-méjì ló máa ń bù, ìyẹn ni pé 24 ló ń lò tẹ́lẹ̀, ó wá di 18 láìmọ̀. Kọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ń gba omi bíi gíráàmù 380. Tẹ́lẹ̀, gíráàmù kọfí kan ń rí omi bíi 16 gbà. Nísinsìnyí, ó ń rí 21. Kí ni kò ní jẹ́ kó di omi lásán? Ẹni tó ta kọfí ò ṣe nǹkan kan.

A tiẹ̀ tún ní kó bu síbí kan ṣoṣo nínú àpò dúdú náà lẹ́ẹ̀marùn-ún bó ṣe máa ń bù ú láàárọ̀ tó bá ń kánjú. Èyí tó kéré jù jẹ́ 8, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 11. Ọwọ́ kan náà, àpò kan náà, láàárín ìṣẹ́jú méjì péré.

Owó náà wà níbẹ̀ o. Tí àpò bá jẹ́ gíráàmù 250, tí ẹ sì ń lo 15 fún kọ́ọ̀bù kan, ẹ ó mu kọ́ọ̀bù 16. Tí síbí yín bá ń ga débi pé 20 lẹ̀ ń lò, 12 péré lẹ ó mu kí àpò tó tán.

Bí a ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà nìyí. A wọn kọfí gíráàmù 15, a lọ̀ ọ́ kó rí bí iyanrìn tó kúnná díẹ̀. A gbé kọ́ọ̀bù àti asẹ́ tó ní bébà nínú lé orí sìkéèlì, a da kọfí sí i, a tẹ `TARE` kí ojú rẹ̀ padà di `0`. Omi ti hó, a sì ti jẹ́ kó sinmi bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú. A tẹ aago fóònù, a da omi gíráàmù 30 sí i kí gbogbo kọfí náà rin. Ó ń hó kùṣùkùṣù, afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń jáde. Nígbà tí aago pé ìṣẹ́jú-àáyá 40, a bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyókù díẹ̀díẹ̀ títí ojú sìkéèlì fi kà `240`, ìyẹn 15 lọ́nà 16. Ohun tó kán sínú kọ́ọ̀bù ò tó 240 o, ó máa dín ní bí 30, torí pàǹtí kọfí máa ń fa omi tó tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ mọ́ra. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi kún un.

Ẹgbẹ́ àwọn oníkọfí tí wọ́n ń pè ní SCA máa ń dá gíráàmù 55 sí lítà omi kan, èyí tó fúyẹ́ díẹ̀ ju tiwa lọ. Ẹnu yín ni yóò sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Ohun tí sìkéèlì ń ṣe ni pé tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ ó tún rí i lọ́la.

Aago wá ńkọ́? Omi kì í fa gbogbo adùn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń kan ló kọ́kọ́ ń jáde, adùn tẹ̀ lé e, ìkorò ló ń kẹ́yìn. Tiwa kán tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí ìwọ̀n bá pé, tí ó wá kán tán ní ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀, tó ń kan, tó sì rọ̀ lẹ́nu, ẹ ti lọ̀ ọ́ hóró-hóró jù. Tó bá di ìṣẹ́jú mẹ́rin àtààbọ̀, tó korò, tó ń gbẹ ahọ́n, ó ti kúnná jù. Ẹni tó ń fi síbí bù ú ò lè mọ èyí tó fa á, torí kọfí ń yí, omi ń yí, àkókò náà ń yí. Tẹ́ ẹ bá ti de kọfí àti omi mọ́lẹ̀, ìlọ̀ nìkan ló kù láti tún ṣe. Ẹ yí ẹ̀rọ ìlọ̀ díẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, kí ẹ wá tọ́ ọ wò.

Sìkéèlì náà lè ṣini lọ́nà. Èyí tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan láìsí ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ lè fi ààbọ̀ gíráàmù ṣì í, ìyẹn ò burú púpọ̀ lórí 15, ṣùgbọ́n èyí tó ń ka `0.1` dáa jù. Bí bátìrì bá ti ń kú, ẹ gbé nǹkan kan náà lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí iye tó kà bá yàtọ̀ síra, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ tó ṣe pẹlẹbẹ sábẹ́ kọ́ọ̀bù kó tó di pé ẹ tẹ `TARE`, torí ooru lè mú kí nọ́ńbà máa sún. Àwọn kan sì wà tí wọ́n máa ń pa ara wọn láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹ béèrè ìyẹn kẹ́ ẹ tó sanwó. Kọfí tó ti pẹ́ nínú àpò tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ní tirẹ̀, kò sí ìwọ̀n tó lè jí i dìde. Ẹ ó kàn máa ní kọfí tó ti kú tó dọ́gba láràárọ̀.