Kí Ẹ Tó Kọ "Ẹ̀yin Nìkan" Sínú Ímeèlì

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ ímeèlì àkọ́kọ́ sí oníṣòwò kan ní Ìlọrin pé: "Ẹ̀yin nìkan la ó máa ta ọṣẹ dúdú wa fún ní Kwara." Mo ní kó dúró ná. Bí oníṣòwò náà bá ra páálí 2 péré ńkọ́? Kò ní lè tà fún ẹlòmíràn mọ́ nìyẹn.

A wá kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀yin nìkan la ó máa tà fún ní Kwara fún oṣù 6, bí ẹ bá ń ra páálí 40 lóṣù. Bí kò bá pé bẹ́ẹ̀ fún oṣù 2 léraléra, a lè tà fún ẹlòmíràn. Àbá lèyí, ó di àdéhùn nígbà tí a bá jọ fọwọ́ sí i."