Kí Àpótí Fáìlì Má Baà Kú Lójijì

Iná kì í dágbére kó tó lọ. Bó bá lọ mọ́ ẹni tó ń lọ aṣọ lọ́wọ́, yóò gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, yóò sì dúró dìgbà tí iná bá dé. Ẹ̀rọ tó ń kọ fáìlì sórí díìsìkì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn ti ṣòfò nìyẹn, ó sì lè ba èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú.

Ká ní ayàwòrán kan wà ní Mókọ́lá, n'Íbàdàn. Ó ní àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ NAS sí lára páálí rẹ̀. Háàdì díìsìkì méjì ló wà nínú rẹ̀, ó so mọ́ rúta, gbogbo kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù sì ń kó fọ́tò sí i. Ní alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìgbéyàwó kan, ó da fọ́tò láti inú káàdì kámẹ́rà sínú àpótí náà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ní iṣẹ́ ti parí. Kíá ló pa ohun tó wà nínú káàdì rẹ́, kó lè rí i lò lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe ṣe bẹ́ẹ̀ tán ni iná lọ.

Kọ̀ǹpútà yẹn kò purọ́, àmọ́ ohun tó mọ̀ kò dé ìsàlẹ̀. Bí fáìlì bá dé inú àpótí, mẹ́mọ́rì ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí, torí mẹ́mọ́rì yára ju díìsìkì lọ. Láti ibẹ̀ ni àpótí yóò ti máa kọ ọ́ sórí díìsìkì. Linux ló ń darí púpọ̀ nínú àwọn àpótí wọ̀nyí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ètò Linux padà, ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé lè wà nínú mẹ́mọ́rì fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá kó tó kan díìsìkì. Iná tó bá lọ láàárín àkókò yẹn ti gbé e lọ pátápátá.

Ewu kejì wà nínú àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà lórí díìsìkì. Bí iná bá lọ nígbà tí àpótí ń tún àkọsílẹ̀ yìí ṣe, fáìlì tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá lè di àwátì. Díìsìkì méjì tó yẹ kó jọ ara wọn náà lè yàtọ̀, nígbà tí ọ̀kan ti gba ohun tuntun tí èkejì kò tíì gbà á. Ìdí nìyẹn tí àpótí fi ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí láti yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́yìn irú ikú òjijì bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé àpótí yín ń falẹ̀ lẹ́yìn tí iná dé, tí iná ara díìsìkì rẹ̀ kò sì dákẹ́ ṣíṣẹ́jú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé kí wọ́n ra yúpíẹ́sì, ẹ̀rọ bátìrì tí wọ́n ń kọ UPS sí lára, kí wọ́n ki púlọ́ọ̀gì àpótí bọ̀ ọ́, kí ọkàn wọn sì balẹ̀. Kò tíì tán o. Bí iná bá lọ, bátìrì yóò gbé àpótí náà fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ àpótí kò mọ̀ pé bátìrì ni òun ń lò, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí bátìrì yóò fi tán. Nígbà náà ni yóò kú lójijì gẹ́gẹ́ bí ì bá ti kú tẹ́lẹ̀. Ṣe la kàn sún ikú náà síwájú. Iṣẹ́ yúpíẹ́sì ni láti fún àpótí láyè kó parí ohun tó ń kọ, kó ti gbogbo fáìlì, kó sì kú wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́dọ̀ lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí èyí tó lè ṣeé ṣe.

Waya yúẹ́sìbì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo yúpíẹ́sì ló ní ojúhò rẹ̀ o. Púpọ̀ nínú àwọn tó pọ́ọ́kú lọ́jà kò ní in, nítorí náà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Waya tó bá a wá nínú páálí ni kí ẹ lò, torí orí waya àwọn kan yàtọ̀ sí ti waya tí a fi ń gba fóònù. Ẹ tún wo àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ dáadáa. Lára àwọn mìíràn, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ `Battery Backup` sí nìkan ni bátìrì ń fún níná. Èyí tí wọ́n kọ `Surge Only` sí kàn ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná tó bá ru sókè ni. Bí iná bá lọ, òun náà lọ.

Báwo ni kó ṣe tóbi tó? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ti ayàwòrán wa. Àpótí rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí wáàtì 25, rúta ń jẹ 10, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35. Ó fi rúta kún un kí ìkìlọ̀ àpótí lè dé orí fóònù rẹ̀. Yúpíẹ́sì 650VA tó rà ní bátìrì kan tó jẹ́ fóòtì 12 àti 7Ah nínú. Bí a bá sọ 12 di ìlọ́po 7, a ó rí wáàtì-wákàtí 84. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ṣeé lò. Ó dára ká ka ìdajì, ìyẹn 42, torí agbára ń ṣòfò bí yúpíẹ́sì ṣe ń yí i padà, a kì í sì í fa bátìrì gbẹ tán. Yúpíẹ́sì fúnra rẹ̀ tún ń jẹ nǹkan bí wáàtì 15, èyí tó sọ 35 di 50. Bí a bá fi 50 pín 42, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 50 nígbà tí bátìrì ṣì jẹ́ tuntun. Tí ooru ilẹ̀ wa bá ti mú bátìrì náà fún ọdún méjì, kò ní yà mí lẹ́nu bó bá kù sí ìdajì iye yẹn.

Ìṣẹ́jú 50 yìí lè tan ènìyàn pé kó jẹ́ kí àpótí ṣiṣẹ́ títí bátìrì yóò fi fẹ́ tán. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tó yẹ ká ṣe. Lórí àpótí Synology, ẹ ṣí `Control Panel`, ẹ lọ sí `Hardware & Power`, kí ẹ tẹ `UPS`. Ẹ fi àmì sí `Enable UPS support`. Ìlà kan wà tó bẹ̀rẹ̀ báyìí: `Time before Synology NAS enters`. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa yan ìgbà tí àpótí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá lọ. Bí ẹ bá yan `Until low battery`, ọwọ́ bátìrì lẹ fi àpótí lé. Bátìrì tó ti gbó lè sọ pé òun ṣì kún dé ìdajì, kó sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú pàtó ni kí ẹ yàn. Fún ayàwòrán wa, 5 tó. Iná tó bá kàn ṣẹ́jú lọ, tó sì padà, kò ní da iṣẹ́ rú. Èyí tó bá sì kọjá ìṣẹ́jú 5 kì í sábà yá dé.

Ìdí mìíràn tún wà fún 5 yìí, ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn ti ṣe pàtàkì jù. Àpótí lè lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 láti pa gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dé. Nítorí náà, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí iná bá lọ lè gba ìṣẹ́jú 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára bátìrì. Bátìrì irú yìí sì máa ń nílò wákàtí 6 sí 8 kó tó kún padà lẹ́yìn tó bá ti ṣòfo. Bí iná bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta ní ìrọ̀lẹ́ kan, tí kò sì pẹ́ rárá láàárín wọn, ìṣẹ́jú 24 lè ti lọ. Bátìrì tuntun á gbé e. Èyí tó ti lo ọdún méjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán.

Ìyẹn ló mú mi sọ pé ká kíyè sí ìgbà tí iná bá dé gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kíyè sí ìgbà tó bá lọ. Nínú `Hardware & Power` kan náà, lábẹ́ `General`, ẹ ó rí `Restart automatically after a power failure`. Bí ẹ bá fi àmì sí i, àpótí yóò jí fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ó dára fún ọ́fíìsì tí kò sí ẹnikẹ́ni lálẹ́, tí iná rẹ̀ kì í sì í ṣe ségesège. Níbi tí iná ti ń dé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó sì tún ń lọ, ẹ yọ àmì náà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àpótí yóò jí sórí bátìrì tí kò tíì gba iná sára, iná yóò tún lọ nígbà tó ń yẹ díìsìkì wò, kò sì ní sí ohun tó máa gbé e. Ẹ jẹ́ kí iná dúró fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹ wá fọwọ́ tàn án.

Bí ẹ bá ti ṣe ètò yìí tán, ẹ dán an wò. Ẹ dá gbogbo kíkó fáìlì dúró ná. Ẹ má fa púlọ́ọ̀gì yúpíẹ́sì yọ. Síwíìṣì ara ògiri ni kí ẹ pa, kí waya ilẹ̀ lè wà níbi tó wà. Ẹ wo aago fóònù yín. Yúpíẹ́sì yóò ké, àpótí yóò fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa iṣẹ́ dé. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń kọ àṣẹ lè wo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ méjèèjì ń bá ara wọn sọ:

```
upsc ups@localhost
```

Nínú ìdáhùn rẹ̀, ẹ wá `ups.status`. `OL` ni pé iná wà, `OB` ni pé bátìrì ló ń ṣiṣẹ́, `LB` sì ni pé bátìrì ti ń tán lọ. Bí ẹ bá ti pa síwíìṣì, tí ó ṣì ń sọ `OL`, àpótí kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ yẹ waya wò.

Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré yóò bá ìṣòro mìíràn pàdé. Bí fóòtì rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, yúpíẹ́sì kò ní gbà á, yóò máa dún tẹ́-tẹ́-tẹ́ bó ṣe ń bọ́ sórí bátìrì tó sì ń padà. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta, bátìrì sì ń tán nínú ilé. Lára yúpíẹ́sì mìíràn, a lè dín bó ṣe ń fura sí iná kù nínú ètò rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ pa àpótí kí bátìrì tó tán.

Yúpíẹ́sì kò lè dá fáìlì tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ pa rẹ́ padà, kò sì lè gba díìsìkì tó gbó là. Ẹ̀dà mìíràn níbòmíràn ló ń yanjú ìyẹn, kí ayàwòrán wa má sì pa ohun inú káàdì rẹ́ títí ẹ̀dà kejì yóò fi wà. Ní ti bátìrì, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sí ara yúpíẹ́sì, kí ẹ sì máa ṣe ìdánwò síwíìṣì yẹn ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kún dáadáa. Ọjọ́ tí àpótí bá kú kó tó parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìdánwò, tàbí tí ara bátìrì bá wú, ẹ pààrọ̀ bátìrì náà kí ẹ tó tún kó fọ́tò ẹnikẹ́ni sínú àpótí.