Bí A Ṣe Ń Yẹ Èlé Owó Ìfipamọ́ Wò Lójú Sitétímẹ́ǹtì

Ajé ògúgúlùsọ̀ kì í sùn: bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìparí oṣù ni èlé ń wọ inú àkáǹtì, ojoojúmọ́ ni báǹkì ń ṣírò rẹ̀ lórí iye tí ó ṣẹ́kù nígbà tí ọjọ́ bá parí, nítorí náà, ẹni tí ó bá mú owó tí ó bá nílẹ̀ lọ́jọ́ ìparí oṣù, tí ó wá èlé ọdún rẹ̀, tí ó sì pín in sí ọ̀nà 12, kò tíì yẹ nǹkan kan wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú àkáǹtì kan tí báǹkì sọ pé èlé rẹ̀ jẹ́ 7.3 nínú 100 lọ́dún. Èyí ni pé ₦100 yóò mú náírà 7 àti kọ́bọ̀ 30 wá ní ọjọ́ 365, tí í ṣe kọ́bọ̀ 2 lójúmọ́. Ní oṣù Okúdù, ₦200,000 ni ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 10. Ní ọjọ́ kọkànlá, olówó fi sọ̀wédowó ₦100,000 kún un, ó sì di ₦300,000 fún ọjọ́ 10 mìíràn. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ó gba ìdajì, ₦150,000 sì ni ó kù títí oṣù fi parí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ fi iye ọjọ́ sọ àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, kí ẹ sì ro wọ́n pọ̀, ẹ ó rí 6,500,000. Lórí 100 kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, kọ́bọ̀ 2: ₦1,300 ni èlé oṣù náà.

Bí iye mìíràn ni ẹ bá lójú ìwé, ẹ má tíì gbé ọ̀rọ̀ náà lé báǹkì lórí, nítorí iye tí ó dín a máa tọ́ka ibi tí ó gbà lọ. Bí ó bá jẹ́ ₦1,260, ẹ wo abẹ́ àkọlé VALUE DATE, ẹ ó rí i pé ọjọ́ kẹtàlá ni owó sọ̀wédowó náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èlé, èyí kì í sì í ṣe irẹ́jẹ. Bí ó bá jẹ́ ₦1,170, owó orí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n yọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ₦900, àṣẹ́kù tí ó kéré jù lọ láàárín oṣù ni wọ́n fi ṣírò gbogbo ọjọ́ 30, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí wọ́n kéde nìyẹn. Bí kò bá sì sí èlé rárá, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ gba owó, nítorí ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá gbà á ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù a máa pàdánù èlé oṣù náà.

Ẹ kọ ìṣirò yín sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka báǹkì yín, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà.