Ẹni Tó Ni Ohùn

Ọgọ́ta ọ̀rọ̀ ló wà nínú ìwé tí mo gbé dání lọ́jọ́ náà. Ìyá tó jókòó níwájú mi máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú gbólóhùn kan náà: "Mo pe igbá lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo pe ìgbà lẹ́ẹ̀kan sí i." Bí àwa tó ń kọ́ nípa ìró èdè ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ ká kò bá yí padà, a ó lè wọn bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an. A kàn ń bá a lọ jẹ́jẹ́ ni títí a fi kan "ilẹ̀". Ìyá mí kanlẹ̀, ó fi ìwé sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí àbúrò ọkọ rẹ̀ ṣe gba ilẹ̀ oko mọ́ àwọn ọmọ òun lọ́wọ́. Ó dárúkọ ènìyàn. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Iná pupa orí ẹ̀rọ ṣì ń tàn.

Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn wúlò fún iṣẹ́ mi ju ọgọ́ta ọ̀rọ̀ náà lọ. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ inú ìwé máa ń tún ohùn ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ ká lára kì í rántí pé ẹnì kan ń gbọ́; bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé gan-an ló máa sọ ọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan ni ìyá yọ̀ǹda fún mi. Kò yọ̀ǹda ẹjọ́ ilẹ̀.

Àwọn kan á ní kí n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí n máa pè é ní "Obìnrin Kẹta", ó parí. Kò parí rárá. Orúkọ ṣeé yọ kúrò lórí èsì ìbéèrè tí a kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ohùn fúnra rẹ̀ ni orúkọ. Ọmọ àdúgbò tó bá gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá sì fi ẹ̀rọ yí ohùn náà padà kí ẹnikẹ́ni má lè dá a mọ̀, mo ti ba gíga àti sísàlẹ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ wá jẹ́. Nítorí náà, kò sí ibi tí èmi lè fi ìyá pamọ́ sí. Òun ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ohùn òun lè dé.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí àgbàlagbà tẹ ìka sí lábẹ́ ni ìyọ̀ǹda. Ẹnu ni mo fi ń béèrè, ní ẹ̀ka èdè tí ẹni náà ń sọ, ẹ̀rọ á sì gba ìbéèrè àti ìdáhùn sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ń bi wọ́n. Ṣé kí èmi nìkan máa gbọ́ ọ? Ṣé kí n lò ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́? Ṣé kí n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Èyí tó kẹ́yìn yìí gba àlàyé, torí "íńtánẹ́ẹ̀tì" lásán kò sọ nǹkan kan fún ẹlòmíràn. Mo máa ń ní, "Ìyá, ẹni tó wà lókè òkun á lè gbọ́ ọ, àna yín náà á lè gbọ́ ọ." Lẹ́yìn náà, mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ bóyá ó yé wọn tàbí wọ́n kàn ń ṣe mí lálejò. Owó àkókò wọn sì ń dé ọwọ́ wọn kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ dá a dúró lágbedeméjì má baà rò pé òun máa pàdánù.

Ìbéèrè kan wà tí àwa olùwádìí máa ń dáhùn fún wọn láìbi wọ́n: ṣé ẹ fẹ́ kí orúkọ yín wà níbẹ̀? A máa ń rò pé bíbo orúkọ ni ààbò. Ìtàn obìnrin kan ní Amẹ́ríkà ló yí mi lérò padà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Lorenzo Dow Turner, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tó ń wádìí èdè Gúlà, gbé ẹ̀rọ àgbohùnsílẹ̀ dé Harris Neck ní etíkun Jọ́jíà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Amelia Dawley kọ orin kan fún un tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èdè Mẹ́ńdè ti ilẹ̀ Sàró ni. Turner kọ orúkọ obìnrin náà àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn náà wà nípamọ́ títí, Amelia sì kú. Ní nǹkan bí ọdún 1990, Joseph Opala àti Cynthia Schmidt tọ orúkọ yẹn lọ sí Jọ́jíà, wọ́n bá ọmọ rẹ̀, Mary Moran. Orin náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Tazieff Koroma, onímọ̀ èdè Mẹ́ńdè, ti fi ọ̀rọ̀ kan nínú orin náà mọ agbègbè tó ti wá. Ní abúlé Senehun Ngola, Schmidt rí Bendu Jabati, tó mọ orin tó jọ ọ́ gan-an. Orin ìsìnkú ni. Ní 1997, Mary Moran fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé abúlé náà.

Ká ní "Obìnrin Kẹta" ni Turner kọ sílẹ̀, ta ni ì bá wá a kàn?

Turner kan náà dé Bàhíà ní 1940. Ó gba ohùn àwọn àgbà ilé òrìṣà sílẹ̀ níbẹ̀, títí kan Martiniano do Bonfim, tó ti gbé ní Èkó nígbà èwe rẹ̀ tó sì gbọ́ Yorùbá. Yunifásítì Ìńdíánà ni àwọn àwo náà bá lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ará Amẹ́ríkà tó ní ìwé ẹ̀rí lè gbọ́ orin tí ọmọ ilé òrìṣà náà ní Bàhíà kò lè gbọ́. N kò dá Turner lẹ́bi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ohùn wọ̀nyẹn ṣègbé. Ṣùgbọ́n orin inú ilé òrìṣà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo tó kọ ọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì ìdílé nílé wa níbí. Ìyá kan lè fún mi ní "igbá" àti "ìgbà", tirẹ̀ ni. Bó bá kan oríkì, mo gbọ́dọ̀ tọ baálé àti àwọn obìnrin ilé lọ. Bí baálé bá sì ti gbà, mo ṣì gbọ́dọ̀ bi ẹni tó máa ki í, torí ẹnu baálé kọ́ ni ohùn ti máa jáde.

Ìpamọ́ ló kù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ púpọ̀ sì ti ń bàjẹ́. Fáìlì WAV ni a ń lò, kì í ṣe MP3, torí MP3 máa ń gé lára ìró kúrò kí fáìlì lè kéré. Bí a bá gbà á ní 48 kHz àti 24 bit láti ẹnu makirofóònù kan, wákàtí kan máa gba nǹkan bí ìdajì gígábáìtì. Ìyẹn kò ṣòro. Èyí tó ṣòro ni kí ìyọ̀ǹda má yà kúrò lára ohùn. Mo ti rí àpótí kásẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó gbà á ti kú: kò sí orúkọ, kò sí ìlú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni gbà pé kí a fi ṣe. Ohùn tó mọ́ kedere ni, a kò sì lè lò ó, a kò sì mọ ilé tí a ó dá a padà sí. Nítorí náà, ìwé kékeré kan máa ń bá fáìlì kọ̀ọ̀kan wọ ibi ìpamọ́. Ó ń sọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ọjọ́ àti ìlú, ẹni tó lè gbọ́ ọ, àti ẹni tí a ó bi nínú ìdílé bí ẹni náà kò bá sí mọ́. Ẹ̀dà kan máa ń wà nílé wọn, lórí fóònù ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ, torí kò sí bí ìyá ṣe máa wọ́kọ̀ lọ sí yunifásítì kó lọ gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn, mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, ẹ̀rọ yìí ṣì ń gbọ́ wa o."

"Ó ti wọ inú rẹ̀?"

"Ó ti wọ̀ ọ́, mà."

Mo fi etígbọ́ sí i létí, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n yọ ọ́, àwọn tí òun dárúkọ ṣì ń jẹun nílé òun. Mo yọ ọ́ lójú rẹ̀, mo sì jẹ́ kó gbọ́ ibi tó ṣófo. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó gbé ìwé, ó pe "ilẹ̀" lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí mo ṣe fẹ́. Nínú ìwé tó wà pẹ̀lú fáìlì náà, mo kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́fà kò sí níbẹ̀, ẹni tó ni ohùn ló ní kí a yọ ọ́.