Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Lábẹ́ Wífọ́ọ̀nù

Ẹni tó bá náwó gidi sórí wífọ́ọ̀nù kì í fẹ́ tètè tú u. Á ní irun náà ṣì ń dán, kò tíì bà jẹ́, kí ló dé tí òun máa fi tú u? Òótọ́ ni pé ojúlówó wífọ́ọ̀nù lè dán fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àmọ́ kì í ṣe òun ló ń sọ ìgbà tó yẹ ká tú u. Irun orí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó rán tirẹ̀ sórí ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, nítorí ọdún. Onídìrí á kọ́kọ́ dì í ní kòlẹ́sẹ̀, á wá fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wífọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Bí ẹ̀bátí bá ń fà á nígbà tó bá gbójú sókè, tàbí tí kókó wẹ́wẹ́ bá sú sí ìdí irun iwájú lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti dì í le jù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ á lo oògùn ẹ̀fọ́rí, wọ́n á sì sùn. Oògùn kọ́ ni nǹkan tó kàn. Kó padà lọ kí wọ́n tú ìlà iwájú, kí wọ́n tún un dì kó dẹ̀.

Lójoojúmọ́, bíi 50 sí 100 fọ́nrán irun ló máa ń bọ́ lórí ẹni tí ara rẹ̀ le. Bí irun bá wà ní títú, òòyà á kó wọn lọ. Nínú kòlẹ́sẹ̀, wọn kò ríbi gbà jáde. Tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, irun tó ti kú síbẹ̀ á lé ní 2,000, wọ́n á sì ti lọ́ mọ́ èyí tó wà láàyè. Irun tuntun náà á ti hù tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, ìdì á ti jìnnà sí awọ orí, gbogbo ìwúwo wífọ́ọ̀nù á wá máa rọ̀ sórí ìwọ̀nba irun tó hù yẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi dára, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sì fi jẹ́ òpin. Obìnrin wa gbọ́dọ̀ máa múra àtitú u láti nǹkan bí ọjọ́ 12 oṣù Kìíní. Kó má kọjá ọjọ́ 26.

Kó tó dìgbà yẹn, kó máa fọ orí ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Kó po ṣáńpù díẹ̀ mọ́ omi nínú ìgò ẹlẹ́nu tóóró, kó máa tú u sí àárín ìlà, kó fi orí ìka rà á, kó má fi èékánná ha á. Gbígbẹ rẹ̀ ló ṣòro jù. Òkè wífọ́ọ̀nù á ti gbẹ nígbà tí kòlẹ́sẹ̀ ṣì tutù rin nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni òórùn burúkú ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó jókòó sábẹ́ díráyà tí iná rẹ̀ kò gbóná jù, títí tí ìka tó bá ti bọ abẹ́ rẹ̀ á fi jáde ní gbígbẹ. Bí èépá funfun bá ń bọ́ tí orí sì ń yún, kó má ṣe rọ òróró lé e. Kòkòrò tí ojú kò rí tó wà nídìí èépá yẹn, òróró ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣáńpù tó ní kẹtokónásólù ló máa ràn án lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ títú, òwú ni kí wọ́n gé, kì í ṣe irun, nítorí náà kí wọ́n jókòó síbi tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá tú kòlẹ́sẹ̀ tán, wọ́n á rí ìdọ̀tí tó ti gbá jọ sídìí irun kọ̀ọ̀kan. Kí omi má tíì kàn án o! Omi á mú irun òkú àti ìdọ̀tí náà lẹ̀ pọ̀, ó sì lè di ohun tí sìsọ́ọ̀sì nìkan lè yanjú. Kọndíṣọ́nà ni kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n fi ìka ya á, kí wọ́n wá fi òòyà eléyín ńlá yà á láti ṣóńṣó wá sídìí, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Irun tó máa jáde á pọ̀ débi tí àyà á fi já. Kó wo fọ́nrán díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó gùn, tó ní kókó funfun kékeré nídìí, ló bọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó kúrú tí kò ní kókó, ṣíṣẹ́ ló ṣẹ́.

Oníwíìgì ní ìrọ̀rùn díẹ̀, kó ṣáà máa ṣí i lálẹ́, kó sì tún irun abẹ́ rẹ̀ dì ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

Kí irun sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n tó tún rán òmíràn. Bí ẹ̀bátí bá ti ń pá, kó wò ó dáadáa nínú dígí. Bí irun wẹ́wẹ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ó lè hù padà láàrin oṣù bíi mélòó kan tí wọ́n bá jáwọ́ nínú fífà á. Bí ibẹ̀ bá ti ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, tí a kò rí ojúhò irun mọ́, ó ṣòro kó tún hù. Dókítà awọ ara ni kó tètè lọ rí, kí ìyókù má baà bá a lọ.