Ẹsẹ̀ Ń Jó, Ṣúgà Kò Sì Ga

Alẹ́ ni ó máa ń le jù. Ẹni náà á dùbúlẹ̀, á ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ nítorí pé aṣọ lásán ti di ìnira fún un, á gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé sìmẹ́ǹtì tútù, á tún dìde lọ da omi sí i. Àwọn kan ní iná ni ó ń jó àwọn. Àwọn mìíràn ní abẹ́rẹ́ ni ó ń gún àwọn. Àwọn kan tún ní ẹsẹ̀ náà kú, àfi bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ wà lásán. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ nílé, èsì tó máa ń yá lẹ́nu ni pé, "Àtọ̀gbẹ ni, lọ yẹ ṣúgà wò." Ìmọ̀ràn gidi ni, nítorí pé kò sí àìsàn tó ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ tó àtọ̀gbẹ. Ìdààmú bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èsì àyẹ̀wò bá jáde tí ṣúgà kò ga. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń wá ẹni tí yóò sọ fún wọn pé wọ́n tẹ oògùn ìkà mọ́lẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìrí ìtura.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó máa ń kọ́kọ́ mú, ìdí sì wà fún un. Iṣan ìmọ̀lára tó gùn jù lára ènìyàn ni èyí tó ti ẹ̀bá ọ̀pá ẹ̀yìn lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Lára àgbàlagbà, ó ń lọ bíi mítà kan. Gbogbo ohun tí iṣan yìí ń lò láti wà láàyè, òkè níbẹ̀ ni ara ti ń ṣe é, ibẹ̀ ni ó sì ti ń fi í ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀. Bí nǹkan bá dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ó dà bí omi ẹ̀rọ àdúgbò tí agbára rẹ̀ já wálẹ̀: ilé tó wà lópin páìpù ni omi kọ́kọ́ ń dá. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀, á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá sì ń súnmọ́ orúnkún, ìka ọwọ́ náà á bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń ta láti ìdí wá sí ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn ni kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Kí ni ó wá ń dí iṣan lọ́wọ́ bí kì í bá ṣe ṣúgà? Àìsàn kíndìnrín lè fà á, kòkòrò éèdì lè fà á, ẹ̀tẹ̀ náà lè fà á. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ènìyàn ń gbé mì ni ìdáhùn wà nínú rẹ̀: oògùn, oúnjẹ, tàbí ọtí.

Ẹ jẹ́ ká mú irú aláìsàn kan tí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ̀ dáadáa. Awakọ̀ dáńfó ni, ó ti lé ní 40 ọdún. Kí àìsàn tó dé, ògógóró kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé ilé ìwòsàn, ikọ́ ti jẹ ẹ́ gbẹ. Wọ́n fún un ní oògùn oṣù mẹ́fà: oríṣi mẹ́rin fún oṣù méjì àkọ́kọ́, méjì nínú wọn fún oṣù mẹ́rin tó kù. Ikọ́ rọlẹ̀, ara bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Nínú oṣù kejì, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ọ̀kan lára oògùn mẹ́rin yẹn ni aisoníásídì. Oògùn tó lágbára sí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń so mọ́ fítámì B6 nínú ara, fítámì náà á sì bá ìtọ̀ jáde. Iṣan kò sì lè ṣe láìsí B6. Ẹni tó ń jẹun dáadáa lè mu oògùn náà títí kó má rí nǹkan kan. Ẹni tí ebi ti pa, ẹni tí ọtí ti gba ipò oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, aboyún, ẹni tó ní éèdì tàbí àìsàn kíndìnrín, B6 inú ara wọn kò pọ̀ láti ilẹ̀ wá. Bí wọ́n sì ṣe bí ènìyàn tún wà níbẹ̀: ara àwọn kan máa ń yára tú oògùn yìí ká, ti àwọn mìíràn á máa fà á nílẹ̀, tí oògùn á fi pẹ́ lára wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ara tó lọ́ra ni ẹsẹ̀ máa ń jó jù.

Awakọ̀ wa lọ yẹ ṣúgà wò, kò ga. Ó ra oògùn ìrora, kò ràn án. Lẹ́yìn náà ni ó wá ṣe ohun tó burú jù: ó fi ojú ara rẹ̀ rò ó pé oògùn ikọ́ ni ó ń pa òun, ó sì dá a dúró. Èrò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ rẹ̀ léwu. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a pa lápààbọ̀ á kọ́ bí a ti ń dojú kọ oògùn, èyí tó bá sì padà wá, oògùn àkọ́kọ́ lè má ká a mọ́. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ rọrùn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó ti yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa lo fítámì B6 mílígíráàmù 10 sí 25 lójúmọ́ pẹ̀lú oògùn ikọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń jó kí wọ́n tó rántí, dókítà á fún un ní iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, oògùn ikọ́ á sì máa lọ ní tirẹ̀. Bí a bá tètè mú un, jíjó náà sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kíkú tí ẹsẹ̀ ń kú ni kì í yára lọ.

Ọgbọ́n mìíràn wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń ra fítámì bí ẹni ra bisikíìtì kò mọ̀. Ẹni tó bá ń gbé B6 ńláńlá mì fún oṣù púpọ̀ láìsí ìdí, B6 yẹn gan-an á ba iṣan kan náà jẹ́, ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹni tó bá wá rò pé fítámì ni kò tíì tó, tó sì tún fi kún un, iná ni ó ń fi epo pa.

Ti oúnjẹ ni ó kan àwa gan-an. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ṣe ìwádìí àìsàn kan tó wọ́pọ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú. Ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn náà á máa jó, á máa kú. Nígbà tó bá yá, wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, nítorí pé wọn kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ mọ́ bí ojú kò bá rí i. Ojú àwọn kan bàìbàì, etí àwọn mìíràn di. Pákí ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ẹja àti ẹran kò sì tó nǹkan nínú ọbẹ̀.

Májèlé sayanáìdì wà nínú pákí tútù. Bí a bá rin ín, tí a jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tí a fún un, tí a sì yan án dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á bá omi àti ooru lọ. Èyí tó bá kù, ara ní ọ̀nà láti sọ ọ́ di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀, kó sì tọ̀ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ohun èlò tó ń lò fún iṣẹ́ yẹn, inú oúnjẹ bí ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ni ó ti ń rí i. Gààrí tí wọ́n fi ìkánjú ṣe lọ́jọ́ kan àti ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja, àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni Ọ̀ṣuntókun fura sí.

Àìsàn náà kò tíì di ìtàn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 láti Ọ̀sọ́sà, ìlú Hubert Ògúndé nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 ni wọ́n bá a lára wọn. Ó yẹ kí á sọ èkejì náà: àwọn olùwádìí rí àdúgbò mìíràn tí sayanáìdì pákí ti ń wọ ara àwọn ènìyàn gan-an, tí àìsàn náà kò sì pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni dá gbogbo ẹ̀bi lé gààrí lórí. Oúnjẹ oríṣi kan ṣoṣo ni ó jọ pé ó léwu jù.

Kúbà jẹ́rìí sí èyí. Nígbà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ túká ní ọdún 1991, oúnjẹ wọ́n ní erékùṣù náà. Ní Pínà dẹli Ríò, ìpínlẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tábà, ojú àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ àwọn mìíràn káàkiri orílẹ̀-èdè náà fi ń jó. Àwọn tó ju 50,000 lọ ni ó mú kó tó rọlẹ̀. Àwọn tó ń mu sìgá àti ọtí tí wọn kì í sì í jẹun kánú ni ó bá jà jù. Ní 1993, ìjọba pín fítámì fún gbogbo ará ìlú, àìsàn náà sì lọ sílẹ̀.

Ní ti ọtí, kò gba àlàyé púpọ̀. Ọtí líle fúnra rẹ̀ ń ba iṣan jẹ́, ó tún ń gba àyè fítámì B1 nínú ikùn ẹni tó fi í rọ́pò oúnjẹ. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń jó, fítámì nìkan kò ní ṣe é bí kò bá fi ìgò sílẹ̀. B12 náà wà níbẹ̀: ara ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni a ti ń rí i, ikùn arúgbó kì í sì í fà á mọ́ra dáadáa. Ní Lọ́ńdọ̀n, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fa afẹ́fẹ́ ìpanilẹ́rìn-ín nínú bàlúùnù ń fi ọwọ́ ara wọn sọ B12 inú ara wọn di aláìwúlò. Àwọn kan nínú wọn dé ilé ìwòsàn tí wọn kò lè rìn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ní i lọ́wọ́ fún irú fàájì bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò kò le. Dókítà á fi òwú kan àtẹ́lẹsẹ̀, á fi irin kékeré tó ń gbọ̀n kan ọmọ ìka, á ní kí aláìsàn dúró kó di ojú. Lẹ́yìn náà ni yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ṣúgà, B12, kíndìnrín àti éèdì. Bí ìrora bá pọ̀, irú oògùn tó máa ń tu iṣan lára, bí amitiríbítílínì, ni yóò kọ, nítorí pé oògùn orí fífọ́ lásán kì í sábà ràn án. Iṣan tó ti bàjẹ́ fún ọdún pípẹ́ lè má padà bọ̀ sípò mọ́, nítorí náà ni kò fi yẹ kí a máa sún un síwájú.

Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná wo ẹsẹ̀ tó ń kú, nítorí pé ó lè bó kí ẹni tó ni ín má mọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wá ń rọ, tí rírọ náà sì ń gun òkè láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọsibítù ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá le tó bẹ́ẹ̀, kó kó gbogbo ohun tó ń gbé mì sínú ọ̀rá kan, oògùn dókítà, fítámì ọjà, àgbo, kó má yọ ọ̀kankan kúrò, kó gbé e lọ fún dókítà, kó sì sọ òótọ́ iye ọtí tó ń mu fún un.