Ìpolówó Wo Ló Ta Ọjà?

Nígbà tí oníbàárà bá rí ìpolówó mẹ́rin kó tó ra ọjà, ó ṣòro láti mọ èyí tó mú owó wá. Ká ní ó rí bàtà kan lórí Facebook, lẹ́yìn náà lórí Instagram, lẹ́yìn náà nínú ímeèlì, kó tó wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà lórí Google, kó tẹ ìpolówó tó wà lókè, kó sì san ₦40,000.

Ìlànà tó rọrùn jù ni kí wọ́n gbé gbogbo owó náà fún èyí tó tẹ̀ kẹ́yìn, ìyẹn Google. Àwọn yòókù ò gba kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba ₦10,000. Àwọn mìíràn ń fún àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn ní ₦16,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí méjì àárín pín ₦8,000. Bàtà kan náà ni o. Ìṣirò ló yàtọ̀.

Àléébù tó burú jù ni pé kò sí èyí tó ń béèrè bóyá ẹni náà ì bá ra bàtà láìrí ìpolówó kankan. Ní 2012, eBay dá ìpolówó tó ń jáde nígbà tí ènìyàn bá tẹ orúkọ wọn dúró lórí Yahoo àti MSN. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó ń gba ibẹ̀ wọlé ló ṣì dé, nípasẹ̀ àwọn èsì ọ̀fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.